Lẹ́tà owó òfò: bí a ṣe ń yẹ ìṣirò adójútòfò wò láti ẹ̀yìn wá síwájú

Iná jó ilé ìkẹ́rùsí oníṣòwò kan. Olùwọ̀n òfò wá, ó ka ohun tó jóná, ó sì ní ọjà tó ṣòfò jẹ́ 180,000. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà dé láti ilé-iṣẹ́ adójútòfò: 121,000 ni wọn yóò san. Àlàyé tó wà níbẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ, pé àwọn ti yọ gbogbo ohun tó yẹ kí àwọn yọ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn ṣe wí. Oníṣòwò náà kò retí 180,000 pé, nítorí ó mọ̀ pé ìwé òun sọ pé òun fúnra òun yóò gbé nǹkan díẹ̀ nínú òfò náà. Àmọ́ 59,000 ló fò lọ yìí. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àbí ẹnì kan ti ṣì í ṣe?

Ẹni tó bá mọ ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò lè dáhùn ìbéèrè yẹn nídìí tábìlì ilé rẹ̀, ìwé àdéhùn lọ́wọ́ kan, gègé lọ́wọ́ kejì. Nínú gbogbo ìwé irú èyí tí mo ti bá ènìyàn yẹ̀ wò, kì í ṣe ìṣirò gan-an ló máa ń dá wọn lágara. Ètò rẹ̀ ni. Kí la kọ́kọ́ yọ? Kí la yọ tẹ̀lé e? Nọ́ńbà kan náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n tí èyí tó yẹ kó wà lẹ́yìn bá ṣíwájú, èsì á yí padà. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé oníṣòwò yìí láti ọjọ́ tó ti ra ìwé náà títí dé ọjọ́ tí lẹ́tà dé. Mi ò fi orúkọ owó kankan sí àwọn nọ́ńbà yìí. Owó tí ẹ bá ń ná ni kí ẹ fi kà á.

Ìwé adójútòfò sábà máa ń nípọn, ṣùgbọ́n ojú-ewé kan tàbí méjì péré ló jẹ́ ti yín gan-an. Òun ni wọ́n ń pè ní ṣẹ́dúù: ojú-ewé tí orúkọ yín, ọjọ́ tí ààbò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, àti gbogbo nọ́ńbà wà. Ìyókù ìwé náà jẹ́ ti gbogbo oníbàárà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ṣẹ́dúù ló ń sọ iye, ṣùgbọ́n ìwé ńlá ló ń sọ ètò. Ẹni tó bá ka ṣẹ́dúù nìkan yóò mọ nọ́ńbà, kò ní mọ èyí tó ṣíwájú nínú wọn.

Ohun tó wà nínú ṣẹ́dúù oníṣòwò wa nìyí. Ó dójú òfò lé ọjà rẹ̀ ní 600,000, ó sì dójú òfò lé ẹ̀rọ rẹ̀ ní 200,000. Iye yìí la ó máa pè ní iye ìdójútòfò. Ìdá tí wọ́n ń gbà lórí ọjà jẹ́ 0.35%, ti ẹ̀rọ jẹ́ 0.6%. Wọ́n fi 15% lé owó náà nítorí pé pákó ni wọ́n fi ṣe àjà ilé ìkẹ́rùsí náà. Wọ́n dín 20% kù nítorí pé kò tíì gba owó òfò rí, wọ́n sì tún dín 5% kù nítorí pé ó gbà láti fi kún ohun tí òun fúnra rẹ̀ yóò gbé tí òfò bá dé. Ohun tó yóò gbé náà ni 5,000. Wọ́n ń pè é ní ẹ́sẹ́ẹ̀sì nínú ìwé. Èmi yóò máa pè é ní owó àkọ́gbé, nítorí ẹrù òfò ni, ejìká oníbàárà ló sì ń lọ. Èyí tó gbẹ̀yìn: ìwé náà ń bo 90% òfò. 10% tó kù, oníṣòwò ni yóò gbé e.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tó ń san lọ́dọọdún, ìyẹn prímíọ̀mù. 0.35% nínú 600,000 jẹ́ 2,100. 0.6% nínú 200,000 jẹ́ 1,200. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 3,300. Èyí ni owó ìpìlẹ̀, kí wọ́n tó fi nǹkan kún un tàbí kí wọ́n tó yọ nǹkan kúrò. Ẹ ṣọ́ra fún àmì tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà ìdá náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá nínú ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń lò, àmì rẹ̀ sì ni ‰, tó ní òdo méjì nísàlẹ̀ dípò ẹyọ kan. 3.5‰ àti 0.35% dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ojú % wo 3.5 yóò rí 21,000 níbi tó yẹ kó ti rí 2,100, yóò sì rò pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ.

Lẹ́yìn èyí, àfikún àti ẹ̀dínwó ló kàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ro wọ́n pọ̀: wọ́n fi 15 kún un, wọ́n yọ 20, wọ́n yọ 5, ó ku ìyọkúrò 10%. Ní ojú tiwọn, prímíọ̀mù jẹ́ 2,970. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dínwó kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ lórí ohun tó kù lẹ́yìn èyí tó ṣáájú rẹ̀. 3,300 pẹ̀lú àfikún 15% di 3,795. Ẹ yọ 20% kúrò nínú ìyẹn, ó ku 3,036. Ẹ wá yọ 5% kúrò nínú 3,036, ó ku 2,884.20. Ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nà méjèèjì jẹ́ 85.80. Tí wọ́n bá kọ 2,970 sí ìwé owó yín nígbà tí ìwé àdéhùn sọ pé ẹ̀dínwó yóò máa tẹ̀ léra wọn, ẹ ti rí ibi tí àṣìṣe wà, orúkọ rẹ̀ sì ni ìròpọ̀ ìdá.

Ohun kan wà tó dùn mọ́ mi nínú apá yìí. Tó bá jẹ́ pé ìdá nìkan ni gbogbo wọn, ètò wọn kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ yọ 5% ṣáájú, ẹ fi 15% kún un gbẹ̀yìn, 2,884.20 náà ni ẹ ó bá pàdé. Ibi tí ètò ti ń di ọ̀rọ̀ ni ìgbà tí iye tó dá dúró, tí kì í ṣe ìdá, bá wọ àárín wọn: owó ìwé, owó òntẹ̀, tàbí owó àkọ́gbé lápá ti owó òfò. Ẹ fi òfin kékeré yìí sọ́wọ́, nítorí òun gan-an ló máa tú àṣírí lẹ́tà náà.

Ẹ tún béèrè ohun tí àfikún 15% ń bá wí. Ṣé ọjà nìkan ni, àbí ọjà àti ẹ̀rọ? Nínú ìwé oníṣòwò wa, méjèèjì ni. Ká ní ọjà nìkan ni, 2,100 yóò di 2,415, a ó fi 1,200 ti ẹ̀rọ kún un, yóò di 3,615, lẹ́yìn ẹ̀dínwó méjèèjì yóò sì di 2,747.40. Nọ́ńbà ìdá kò yí padà rárá. Ohun tó ń jókòó lé ló yí padà.

Kí n tó kúrò lórí prímíọ̀mù, mo fẹ́ sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún, nítorí yóò padà wá bá wa. Nígbà tó ku ọjọ́ 146 kí ìwé náà parí, oníṣòwò yìí ra ọjà sí i, ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí sì tó 750,000. Ó ronú láti gbé iye ìdójútòfò ọjà sókè láti 600,000 sí 750,000, ṣùgbọ́n kò ṣe é. Èló ni ìyẹn ì bá ná an? 0.35% nínú 150,000 jẹ́ 525. Ẹ mú un gba inú àfikún àti ẹ̀dínwó kan náà: 603.75, lẹ́yìn náà 483, lẹ́yìn náà 458.85. Iye ti odindi ọdún nìyẹn. Ọjọ́ 146 nínú 365 jẹ́ ìdá 0.4 gééré, nítorí náà 183.54 ni yóò san. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò àfikún àárín ọdún nìyẹn: owó ọdún kan, ẹ pín in fún iye ọjọ́ ọdún, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po iye ọjọ́ tó kù. Ẹ má ṣe rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò ṣe tí ẹ bá fẹ́ fa ìwé ya láàárín ọdún. Ọ̀pọ̀ ìwé ní tábìlì mìíràn fún ìyẹn, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti ń dá owó tó ju ti iye ọjọ́ tó ti lò lọ dúró.

Wàyí o, iná ti jó. Ọjà tó jóná jẹ́ 180,000. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olùwọ̀n òfò yóò béèrè kì í ṣe nípa ohun tó jóná, nípa gbogbo ohun tó wà nílé lọ́jọ́ náà ni. Gbogbo ọjà tó wà níbẹ̀ kí iná tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó jóná àti èyí tí kò jóná, tó 750,000. Iye tí oníṣòwò dójú òfò lé jẹ́ 600,000. Ìyẹn ni pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ọjà rẹ̀ ló san owó lé lórí.

Òfin tí wọ́n ń lò níbí ti pẹ́. Òfin ìdójútòfò orí omi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1906 sọ ọ́ kedere: ẹni tí iye tó dójú òfò lé kò bá tó iye ohun ìní rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni a ó kà sí adójútòfò fún ìyókù. Ìwé adójútòfò iná àti ti ilé sábà máa ń ní gbólóhùn kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Gbogbo òfò, bó ti wù kó kéré tó, ni a ó pín láàárín ilé-iṣẹ́ àti oníbàárà bí wọ́n ṣe pín ewu náà. Èyí ló máa ń ya ènìyàn lẹ́nu jù. Wọ́n á ní, "Àmọ́ 180,000 ni mo pàdánù, 600,000 sì ni mo dójú òfò lé, ó ju òfò mi lọ dáadáa." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò bìkítà bóyá iye ìdójútòfò ju òfò lọ. Iye gbogbo ọjà ló ń wò.

Nítorí náà, 600,000 pín fún 750,000 jẹ́ 0.8. Ẹ sọ 180,000 di ìlọ́po 0.8, ó jẹ́ 144,000. Ìwé náà ń bo 90%, nítorí náà 90% nínú 144,000 jẹ́ 129,600. Ó ku owó àkọ́gbé, 5,000. Ìwé ńlá oníṣòwò wa kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó àkọ́gbé ni wọn yóò yọ gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí gbogbo ìdá bá ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. 129,600 yọ 5,000 jẹ́ 124,600. Iye tó yẹ kó wà nínú lẹ́tà nìyẹn. 121,000 ni wọ́n kọ.

Ibi tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ti ń ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe nìyí. Kò ní dá ìwé padà kí ó máa pariwo pé ó kù díẹ̀. Yóò mú iye tí wọ́n fẹ́ san, yóò sì máa rìn padà lórí ìṣirò wọn títí yóò fi kan nọ́ńbà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n yọ gbẹ̀yìn ni ẹ ó kọ́kọ́ dá padà. 121,000, ẹ fi 5,000 kún un, ó di 126,000. Ẹ pín in fún 0.9, ó di 140,000. Ẹ pín in fún 0.8, ó di 175,000.

175,000! Nọ́ńbà tó mọ́ tónítóní bẹ́ẹ̀ kì í ṣèèṣì wá. Ó dín 5,000 sí 180,000, 5,000 sì ni owó àkọ́gbé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn gbangba: olùwọ̀n òfò ti yọ owó àkọ́gbé nínú ìròyìn tirẹ̀, ó kọ 175,000 ránṣẹ́, ẹni tó jókòó sílé-iṣẹ́ kò sì mọ̀ pé wọ́n ti yọ ọ́, òun náà tún yọ ọ́ gbẹ̀yìn. Owó kan, ọwọ́ méjì ló kàn án. Kò dájú pé ẹnikẹ́ni pète ibi. Ìwé méjì tí kò bára wọn sọ̀rọ̀ ló fà á. Síbẹ̀ 3,600 ni oníṣòwò ì bá pàdánù tí kò bá rìn padà. Tí ẹ bá rìn padà tí ẹ sì bá nọ́ńbà tí kò dọ́gba pẹ̀lú ohunkóhun tó wà nínú ìwé, ó ṣeé ṣe kí ètò tí wọ́n tẹ̀lé yàtọ̀ sí èyí tí ẹ rò. Ẹ yí ètò náà padà kí ẹ tún rìn ín.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ètò. Ká ní ìwé ńlá sọ pé owó àkọ́gbé ni wọn yóò kọ́kọ́ yọ. 180,000 yọ 5,000 jẹ́ 175,000. Ìdá 0.8 nínú rẹ̀ jẹ́ 140,000. 90% nínú ìyẹn jẹ́ 126,000. Oníṣòwò jèrè 1,400 ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí rẹ̀ rọrùn: nígbà tí owó àkọ́gbé bá ṣíwájú, òun náà á gba inú àwọn ìdá kọjá, á sì kéré sí i. Ìdá méjèèjì pọ̀ jẹ́ 0.72, nítorí náà 5,000 tó yọ ṣáájú kò mú ju 3,600 lọ lápò rẹ̀. 1,400 tó kù ni ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í dàgbà bí òfò bá dàgbà: yálà òfò jẹ́ 20,000 tàbí 500,000, tí ìdá kò bá yí, 1,400 náà ni. Nítorí náà, tí iye tí ẹ ṣírò àti iye tí ilé-iṣẹ́ mú wá bá jìnnà síra ní iye yìí gan-an, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ètò ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye òfò. Ẹ wá gbólóhùn tó sọ nípa ètò nínú ìwé ńlá. Bí ìwé náà bá dákẹ́, tàbí tó sọ̀rọ̀ méjì tó takora, ìlànà kan wà tí àwọn ilé-ẹjọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé: ọ̀rọ̀ tí kò dá ṣáká, ìtumọ̀ tó lòdì sí ẹni tó kọ ọ́ ni a ó fún un. Ilé-iṣẹ́ ló kọ ìwé náà.

Ohun kan tún wà tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà ju gbogbo èyí lọ, òun ni nọ́ńbà bíi 80% tàbí 90% tó kàn wà nínú ṣẹ́dúù láìsí àlàyé. Nọ́ńbà yẹn lè ní ìtumọ̀ méjì tó jìnnà síra. Nínú ìwé oníṣòwò wa, 90% túmọ̀ sí ìpín òfò tí ilé-iṣẹ́ yóò san. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìwé ilé àti ọjà ní Amẹ́ríkà, 80% túmọ̀ sí nǹkan mìíràn pátápátá: ìpín iye ohun ìní tí oníbàárà gbọ́dọ̀ dójú òfò lé ni, kí wọ́n má bàa ka ìdójútòfò rẹ̀ sí èyí tí kò tó. Tí a bá lo ìtumọ̀ kejì yìí fún oníṣòwò wa, 80% nínú 750,000 jẹ́ 600,000, iye tó dójú òfò lé gan-an nìyẹn. Wọn kò ní yọ ohunkóhun nítorí àìtó. Ìdá 0.8 tó gba 36,000 lọ́wọ́ rẹ̀ yóò pòórá. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ìdá kankan ṣírò, ẹ bi í léèrè: ìdá kí ni? Ìdá òfò ni, àbí ìdá iye ìdójútòfò, àbí ìdá iye ohun ìní? Tí ṣẹ́dúù kò bá sọ, ìwé ńlá gbọ́dọ̀ sọ.

Ìbéèrè yìí kan náà ló yẹ fún owó àkọ́gbé tí wọ́n kọ bí ìdá. Ká ní wọ́n kọ 2%. Tó bá jẹ́ 2% nínú òfò, oníṣòwò wa yóò gbé 3,600. Tó bá jẹ́ 2% nínú iye ìdójútòfò, 12,000 ni. Irú èyí kejì wọ́pọ̀ fún ìmìtìtì ilẹ̀ àti ìjì líle. Àwọn ìwé mìíràn á kọ ọ́ pé 10% nínú òfò, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dín sí 2,000. Níbi yẹn, òfò 20,000 ni ààlà: ohun tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, 2,000 ni ẹ ó gbé, ohun tó bá kọjá rẹ̀, 10% ni. Òfò tí kò tó 2,000, gbogbo rẹ̀ wà lọ́rùn yín.

Òpin iye tí wọ́n lè san lórí nǹkan kan náà ní ètò tirẹ̀. Tí òfò bá jẹ́ 12,000, tí òpin jẹ́ 10,000, tí owó àkọ́gbé sì jẹ́ 1,000, ẹni tó bá kọ́kọ́ gé òfò sí 10,000 kí ó tó yọ 1,000 yóò san 9,000. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ 1,000 yóò ní 11,000, yóò gé e sí 10,000, yóò sì san 10,000 pé.

Fún ẹni tó bá ń lo ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ìlà kan péré ló gba òfò oníṣòwò wa:

```
=MAX(0, 180000*MIN(1, 600000/750000)*90% - 5000)
```

`MIN` tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá dójú òfò lé ju iye ohun ìní rẹ̀ lọ, ìdá rẹ̀ yóò ju 1 lọ, láìsí `MIN` kọ̀ǹpútà yóò sì san ju òfò lọ fún un, èyí tí ilé-iṣẹ́ kankan kò ní ṣe. `MAX` náà ń rí i pé òfò tó kéré sí owó àkọ́gbé kò di gbèsè sí yín lọ́rùn. Tí ìwé yín bá ní kí owó àkọ́gbé ṣíwájú, ẹ gbé `- 5000` lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 180000, kí ẹ fi àmì àkámọ́ yí méjèèjì ká.

Nọ́ńbà méjì ló wà nínú ìlà yìí tí ìwé àdéhùn kò lè sọ fún yín: 180,000 àti 750,000. Olùwọ̀n òfò ló mú wọn wá, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn tó wúwo jù ti máa ń wáyé. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ tó fi ṣírò wọn. Lórí 180,000, ẹ wò ó bóyá ó ti yọ owó ogbó kúrò lára ọjà, kí ẹ sì wò ó bóyá ìwé yín gbà á láyè, nítorí àwọn ìwé kan ń san iye ohun tuntun, àwọn mìíràn ń san iye ohun bó ṣe gbó tó. Lórí 750,000, òdìwọ̀n kan náà ló yẹ kó lò. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti yọ owó ogbó nínú ohun tó jóná, tí wọ́n sì fi iye ohun tuntun ka gbogbo ohun tó wà nílé. Ọ̀nà méjèèjì ló ń dín owó kù: òfò kéré, àpapọ̀ sì tóbi, ìdá tó wà láàárín wọn sì wá lọ sílẹ̀. Òdìwọ̀n méjì lórí ọjà kan náà kò tọ́, ó sì ṣeé fi hàn lórí ìwé.

Ẹ rántí 183.54 tí oníṣòwò wa kò san. Ká ní ó ti gbé iye ìdójútòfò sókè sí 750,000, ìdá 0.8 kò ní sí. 90% nínú 180,000 jẹ́ 162,000, ẹ yọ 5,000, 157,000 ni yóò gbà. Ó fi 32,400 ju èyí tó tọ́ sí i báyìí lọ. Owó yìí kò ṣeé gbà padà, nítorí ìṣirò ilé-iṣẹ́ tọ̀nà níbẹ̀. 3,600 ló ṣeé béèrè.

Báwo ni yóò ṣe béèrè rẹ̀? Kò nílò ìwé gígùn. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò nílé-iṣẹ́ ń ka ọ̀pọ̀ ẹ̀dùn ọkàn lójúmọ́, ìṣirò ló ń yá wọn lọ́wọ́. Ohun tí oníṣòwò náà kọ ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ fẹ́ san 121,000. Tí mo bá dá 5,000 padà sórí rẹ̀, tí mo pín in fún 90%, tí mo sì tún pín in fún 600,000 lórí 750,000, 175,000 ni mo bá. Òfò tí olùwọ̀n òfò yín kà jẹ́ 180,000, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ọjà tó fi ránṣẹ́ sí mi ṣe fi hàn. Ó dà bíi pé owó àkọ́gbé ti kúrò nígbà méjì. Ìwé àdéhùn sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ni yóò kúrò, ní ìparí. Iye tó tọ́ ni 124,600. Tí ẹ kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ìṣirò yín ránṣẹ́ sí mi ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́ka sí gbólóhùn ìwé tí ìlà kọ̀ọ̀kan dúró lé."